Ohùn ẹ̀rọ àti àwòrán ẹ̀rọ nínú fídíò Ọdún Ọ̀ṣun: èwo ni mo gbọ́dọ̀ kéde?

ỌmọÒkèFìà

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ń ṣe fídíò kan lórí Ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo, ohun tí kò ní ju ìṣẹ́jú 8 lọ. Ohùn ẹ̀rọ ló ń ka ìtàn inú rẹ̀. Ibi ìtàn Láróòyè àti Tìmẹ́hìn, àwòrán ẹ̀rọ ni, ṣùgbọ́n bí àwòrán ọ̀dà ló ṣe rí. Ibi tí èrò ti ń tẹ̀lé Arugbá lọ sí Igbó Ọ̀ṣun, mi ò ráyè yà á, ẹ̀rọ ló bá mi ṣe é, ó sì jọ òótọ́ gan-an. Ní ìparí, mo fẹ́ kí ẹ̀rọ sín ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan tí gbogbo ìpínlẹ̀ wa mọ̀ jẹ, kó fi kí àwọn òǹwòran. Yútúùbù ni n ó kọ́kọ́ gbé e sí, kí n tó gbé e lọ sí Tíkítọ́ọ̀kì àti Fesibúùkù. Èwo nínú gbogbo èyí ni mo gbọ́dọ̀ kéde? Ṣé kò ní pa owó mi lára?

Kámẹ́rà_Ìsàlẹ̀Ọ̀ṣun

Àbúrò, kọ ọ́ sábẹ́ fídíò pé ẹ̀rọ ló ṣe é, ó parí. Bí mo ṣe ń ṣe é ní Tíkítọ́ọ̀kì nìyẹn, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè rí. Àpótí tí Yútúùbù fi ń béèrè ìkéde yẹn, má fọwọ́ kàn án. Tó o bá tẹ Yes pẹ́nrẹ́n, wọn ò ní gbé fídíò rẹ dé iwájú ẹnikẹ́ni mọ́, owó náà á sì lọ.

Ràkè_Ìgbóǹnà

Ṣé orin tó wà lábẹ́ rẹ̀ lo ń bẹ̀rù ni? Tó bá jẹ́ orin olórin, wọ́n á gbé owó fídíò náà fún ẹni tó ni ín. Èmi máa ń lo orin ọ̀fẹ́ tó wà nínú Studio.

BàbáStúdíò

Ràkè, ọ̀rọ̀ orin kọ́ ló ń bi wá. Ìyẹn ní òfin tirẹ̀.

ỌmọÒkèFìà, jẹ́ ká mú fídíò rẹ ní apá kọ̀ọ̀kan, torí ohun tó kan apá kan lè má kan èkejì. Oṣù kẹta ọdún 2024 ni Yútúùbù fi àpótí yẹn sínú Studio. Àpótí náà kò béèrè bóyá o lo ẹ̀rọ. Ohun tó ń béèrè ni bóyá ẹni tó ń wò ó lè gbà pé ohun tó rí yẹn ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín in sí. Àkọ́kọ́ ni pé kó o mú kí ẹnì kan tó wà lóòótọ́ dà bí ẹni tó sọ ohun tí kò sọ, tàbí tó ṣe ohun tí kò ṣe. Ìkejì ni pé kó o yí àwòrán ibi kan tàbí ìṣẹ̀lẹ̀ kan tó wà lóòótọ́ padà. Ìkẹta ni pé kó o ṣẹ̀dá ìran kan tó jọ òótọ́, tí kò ṣẹlẹ̀ rí.

Èrò tó ń tẹ̀lé Arugbá, inú ìkẹta ló bọ́ sí láìsí àríyànjiyàn. Gbogbo ayé ló mọ Igbó Ọ̀ṣun, láti ọdún 2005 ni UNESCO ti kà á mọ́ ogún àjogúnbá àgbáyé. Ẹni tó wà ní Bùràsíìlì, tí kò dé Òṣogbo rí, á rò pé ọdún tó kọjá lò ń fi han òun. Àpẹẹrẹ kan tí Yútúùbù fúnra rẹ̀ fún ni sún mọ́ tìrẹ gan-an: ẹni tó fi ẹ̀rọ ṣe àfikún àwòrán ibi kan tó wà lóòótọ́ kó lè fi polówó ìrìn-àjò. Yes ni ti apá yìí.

Ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà, Yes ni, kódà bó jẹ́ “ẹ káàbọ̀” péré ló sọ. Wọ́n dárúkọ sísín ohùn ẹlòmíràn jẹ láti fi ka ọ̀rọ̀ nínú fídíò gẹ́gẹ́ bí ohun tó gbọ́dọ̀ ní ìkéde. N ó padà sórí èyí, torí ìkéde nìkan kò tó fún un.

Ohùn tó ń ka ìtàn ńkọ́? Tó bá jẹ́ ohùn tí ẹ̀rọ náà ní fún gbogbo ènìyàn, tí kì í ṣe ohùn ẹnì kan pàtó, bí mo ṣe ka òfin náà, kò bọ́ sínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn. Kò sẹ́ni tó sọ pé òun rí ohun tí kò ṣẹlẹ̀, ìtàn lásán ló gbọ́. Àwòrán ọ̀dà náà kò sí níbẹ̀, nítorí ẹni tó bá rí i mọ̀ pé àwòrán ni. Bákan náà ni títún àwọ̀ ṣe, mímú kí ẹ̀yìn ènìyàn rí bàìbàì díẹ̀, kíkọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀, tàbí fífi ẹ̀rọ gbèrò ohun tó o máa sọ. Ìwọ̀nyẹn kò ní ìkéde nínú.

Ṣùgbọ́n àpótí kan ṣoṣo ló wà fún odindi fídíò. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan tí èrò fi tẹ̀lé Arugbá yẹn ti tó láti jẹ́ kí gbogbo fídíò náà jẹ́ Yes. Nígbà tó o bá ń gbé e sókè, ní ojú ewé Details, tẹ Show more, wá ibi tí wọ́n kọ Altered content sí, kó o dáhùn. Àmì náà á yọ nínú àlàyé abẹ́ fídíò nígbà tí òǹwòran bá ṣí i, lábẹ́ How this content was made. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìdìbò, ìlera, ìròyìn tàbí owó, ó lè jáde sójú fídíò gan-an. Ọdún Ọ̀ṣun kò sí lára wọn.

Kámẹ́rà_Ìsàlẹ̀Ọ̀ṣun

Bàbá, ẹ ò tíì sọ ti owó. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó tẹ Yes, ìwòran rẹ̀ wálẹ̀ lọ́sẹ̀ náà.

BàbáStúdíò

Ẹ̀gbọ́n, fídíò ẹnì kan ní ọ̀sẹ̀ kan kò lè fi ohunkóhun hàn. Àkọlé lè ṣe é, ọ̀rọ̀ tó ń lọ nígbà náà lè ṣe é. Ohun tí Yútúùbù kọ sílẹ̀ ni pé ìkéde kì í dín àwọn tó lè rí fídíò kù, kì í sì í dí owó lọ́wọ́. Ohun tó lè mú wàhálà wá ni kéèyàn máa sá fún un. Wọ́n lè fi àmì náà sí i fúnra wọn, ìwọ ò sì ní lè yọ ọ́. Ẹni tó bá sọ ọ́ di àṣà, wọ́n lè yọ fídíò rẹ̀, wọ́n sì lè yọ ọ́ kúrò lára àwọn tó ń gba owó.

Mo mọ ibi tí ìbẹ̀rù owó yẹn ti wá, kò sì ṣàdédé wá. Ní oṣù keje ọdún 2025, wọ́n tún orúkọ òfin kan ṣe sí “inauthentic content”. Àwọn tó ń da fídíò jáde ní ọ̀pọ̀ yanturu, tí gbogbo rẹ̀ jọra, tí ẹ̀rọ ń ka ọ̀rọ̀ kan náà lórí àwòrán kan náà, ni ó ń lé. Òfin ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó tẹ No tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó kan án. Ẹni tó tẹ Yes tó fọkàn ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kò kan án.

Ní ti kíkọ ọ́ sábẹ́ fídíò, òótọ́ lẹ sọ ní Tíkítọ́ọ̀kì. Wọ́n gbà pé kéèyàn fi ọ̀rọ̀ tó hàn kedere sọ ọ́, tàbí kó lẹ àmì mọ́ ojú fídíò, tàbí kó tan àṣàyàn AI-generated content nínú More options. Ní Yútúùbù, àpótí yẹn ni wọ́n ń wò. Ọ̀rọ̀ abẹ́ fídíò dára fún òǹwòran, kò rọ́pò àpótí.

ỌmọÒkèFìà

Ẹ ṣé gan-an ni, Bàbá. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ohùn tó ń ka ìtàn kò ní wàhálà níbikíbi?

BàbáStúdíò

Ní Yútúùbù ni mo sọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á mú ìdáhùn Yútúùbù lọ síbi mìíràn. Òfin Fesibúùkù àti Instagram kò fi ti ẹni gidi tàbí ibi gidi ṣe òṣùwọ̀n. Wọ́n ní fídíò tó jọ fọ́tò gidi, tàbí ohùn tó dún bí ohùn ènìyàn gidi, tí ẹ̀rọ bá ṣe é, kéèyàn fi àmì sí i. Ohùn tó ń ka ìtàn rẹ, tó bá dún bíi ti ènìyàn, ó bọ́ sínú ìyẹn. Tíkítọ́ọ̀kì náà sọ pé àwòrán, fídíò àti ohùn tó bá jọ òótọ́ gbọ́dọ̀ ní àmì. Nítorí náà, ká ní o yọ èrò Arugbá àti ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kúrò pátápátá, No lo lè fi sí Yútúùbù, síbẹ̀ o máa fi àmì sí i ní ojú òpó méjì yòókù.

FótóAyétòrò

Ẹ jọ̀ọ́, tèmi yàtọ̀, ṣùgbọ́n ó kàn mí. Fọ́tò ìgbéyàwó kan tí mo yà pẹ̀lú kámẹ́rà mi ní gbọ̀ngàn kan níbí, ojú òpó kan lẹ àmì mọ́ ọn pé ẹ̀rọ ló ṣe é. Wáyà iná tó gba orí ìyàwó kọjá ni mo yọ, kò sí ohun mìíràn. Ìyá ìyàwó pè mí pé ṣé mi ò wá síbi ìgbéyàwó ni! Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀, kí sì ni mo lè ṣe?

BàbáStúdíò

Irinṣẹ́ tó o fi yọ wáyà ló sọ fún wọn. Àwọn irinṣẹ́ mìíràn máa ń kọ ìwífún pamọ́ sínú fáìlì pé ẹ̀rọ fọwọ́ kan àwòrán náà. C2PA ni ìlànà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tẹ̀ lé. Ojú òpó á ka ìwífún yẹn, á sì lẹ àmì mọ́ ọn láìbi ọ́. Kò wo àwòrán, fáìlì ló kà.

Ohun tó jọ èyí di ariwo ní 2024. Ní oṣù karùn-ún Meta bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ Made with AI, àwọn ayàwòrán sì pariwo pé fọ́tò gidi ni tàwọn, àwọn kàn tún un ṣe díẹ̀ ni. Ní oṣù keje wọ́n yí ọ̀rọ̀ náà sí AI info, ní oṣù kẹsàn-án wọ́n sì gbé àmì ti àwòrán tí wọ́n kàn tún ṣe lọ sínú àtẹ àṣàyàn, kò sí lójú fọ́tò mọ́.

Fún tìrẹ, fi irinṣẹ́ àtijọ́ tí kò lo ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá yọ wáyà, kó o tún gbé e jáde. Tọ́jú fáìlì àkọ́kọ́ tó jáde látinú kámẹ́rà, òun ni ẹ̀rí rẹ lọ́dọ̀ ìyá ìyàwó.

Nítorí èyí náà, ẹ má rò pé bí ìwífún bá ti parẹ́, ìkéde ti parẹ́ náà nìyẹn. Tó o bá fi fídíò ránṣẹ́ nínú Wásáàpù kó o tó gbé e sókè, ìwífún náà sábà máa ń jábọ́. Ẹ̀rọ wọn kò ní rí nǹkan kan. Ojúṣe rẹ ṣì wà níbẹ̀.

Tísà_ÒkèBaálẹ̀

Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀. Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìran Arugbá yìí fún ọmọ wa. Kó tó kan àmì, ṣé ìran náà dára? Mo ti rí irú rẹ̀. Igbá náà hàn gbangba bí ẹni tí ń ta àkàrà, ìlù ń dún lọ́tọ̀, ọwọ́ onílù ń lọ lọ́tọ̀. Ère tó wà nínú Igbó náà kò jọ ohunkóhun tí Àdùnní Olórìṣà, ìyẹn Susanne Wenger, àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ gbẹ́. Ẹ wo aṣọ: ọ̀rọ̀ tó wà lára aṣọ ẹgbẹ́ kì í ṣeé kà. Ọmọ Òṣogbo á mọ̀ ní kíákíá, ará ìta kò ní mọ̀.

Ohun mìíràn: Arugbá kì í ṣe ẹni inú ìtàn. Ọmọbìnrin gidi kan láti ìdílé ọba ló máa ń gbé igbá. Tí ojú tí ẹ̀rọ ṣe bá lọ jọ ti ọmọ náà ńkọ́?

BàbáStúdíò

Tísà, ẹ sọ ọ́ níbi tó yẹ. Tí ojú náà bá jọ ẹni gidi, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ìkẹta, ó ti di àkọ́kọ́, tó bá sì jẹ́ ọmọdé, ó le sí i. Ní Tíkítọ́ọ̀kì ẹ̀wẹ̀, fífi ojú ọmọdé gidi ṣe àwòrán ẹ̀rọ kò sí láyè rárá, àmì kò lè gbà á sílẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ní n ó padà sí. Ìkéde máa ń sọ fún òǹwòran pé ohùn yìí kì í ṣe ti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà. Kò sọ pé sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà fọwọ́ sí i. Tí mo bá jí ewúrẹ́ aládùúgbò, tí mo wá kọ ọ́ sí i lára pé “ti aládùúgbò ni”, ṣé ó ti di tèmi nìyẹn?

Adékẹ́_ỌmọAlárà

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń dùn mí láti oṣù tó kọjá. Ìyá mi máa ń kì oríkì. Ẹnì kan mú ohùn wọn láti inú fídíò ìsìnkú kan, ó fi ẹ̀rọ sín in jẹ, ó sì fi kì oríkì olóṣèlú kan tí ìyá mi kò mọ̀ rí, ó gbé e sí ojú òpó fídíò kan. Kò dárúkọ wọn, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló ń béèrè pé èló ni wọ́n san fún màmá. Ìyá mi kò ní fóònù tó dára, ẹ kú bá mi gbọ́. Ṣé mo lè kọ̀wé lórúkọ wọn?

BàbáStúdíò

Pẹ̀lẹ́, àbúrò, ẹ bá mi kí màmá. Ọ̀nà ti Yútúùbù ni mo mọ̀ dáadáa, n ó sọ ìyẹn, ẹ wá fi wò ó níbi tí tiyín wà.

Láti oṣù kẹfà ọdún 2024, ẹni tí ẹ̀rọ sín ohùn rẹ̀ tàbí ojú rẹ̀ jẹ lè fi ẹ̀sùn kàn án lábẹ́ òfin àṣírí ẹni. Ẹni náà fúnra rẹ̀ ló yẹ kó kọ ọ́. Àwọn àyè tí ẹlòmíràn fi lè kọ ọ́ ni tó bá jẹ́ ọmọdé, tó bá ti kú, tàbí tí kò bá ní ọ̀nà sí kọ̀ǹpútà. Èyí tó kẹ́yìn ni tiyín. Wọ́n á béèrè ibi tí ohùn náà ti jáde nínú fídíò, ẹ kọ ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá rẹ̀ sílẹ̀. Tí wọ́n bá rí i pé ó ní ìdí, wọ́n á fún ẹni tó gbé e sókè ní wákàtí 48 láti ṣe nǹkan sí i. Tí kò bá ṣe é, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò fúnra wọn. Kó kàn fi fídíò náà pamọ́ kò tó, nítorí ó lè tún un ṣí.

Ibi tó lè le fún yín ni pé wọ́n á wò ó bóyá a lè dá màmá mọ̀ yàtọ̀ sí ẹlòmíràn, nígbà tí kò sí orúkọ wọn níbẹ̀. Wọ́n tún máa wò ó bóyá ó kéde pé ẹ̀rọ ni, àti bóyá ẹ̀fẹ̀ ni. Ẹ wá fídíò ìsìnkú àkọ́kọ́ yẹn, ẹ fi gbólóhùn kan náà láti inú méjèèjì hàn. Mi ò lè búra pé wọ́n á yọ ọ́.

Adékẹ́_ỌmọAlárà

Ó kọ ọ́ sábẹ́ fídíò o, pé “ohùn ẹ̀rọ”. Ó jọ pé ìyẹn ló gbára lé.

BàbáStúdíò

Wọ́n á kà á mọ́ ohun tí wọ́n ń wò, òtítọ́ ni. Ohun kan ni láàárín púpọ̀. Ẹ kọ̀wé náà.

Tísà_ÒkèBaálẹ̀

Àmì yìí gan-an, ta ló ń rí i? Àwa níbí, Wásáàpù la ti ń wo fídíò. Ẹnì kan á gbà á láti Yútúùbù, á fi ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ ìdílé, àmì kò ní bá a lọ.

BàbáStúdíò

Lóòótọ́ ni, ojú òpó ni àmì náà ń gbé. Èmi máa ń kọ ọ́ sójú fídíò fúnra rẹ̀, ní igun kan, ní àkókò tí ìran ẹ̀rọ bá wà lójú. Òfin Yútúùbù kò béèrè rẹ̀.

Kámẹ́rà_Ìsàlẹ̀Ọ̀ṣun

Ìyẹn á ba ẹwà iṣẹ́ jẹ́.

ỌmọÒkèFìà

Ẹ̀yin àgbà, mo dúpẹ́. Ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, mo ti gé e kúrò. N ó kọ́kọ́ lọ bá wọn ní iléeṣẹ́ rédíò, tí wọ́n bá gbà, wọ́n lè sọ ọ́ fúnra wọn sínú fóònù mi, kò ní gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Èrò Arugbá, mo rí ẹnì kan tó ní fídíò gidi, ó ní kí n kọ orúkọ òun sí i. Ìbéèrè kan ló kù. Ìran tí igi wó sínú odò, tí ohùn Ọ̀ṣun wá ké pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun, mo fẹ́ sọ ọ́ di èyí tó jọ òótọ́ dípò àwòrán ọ̀dà. Ìtàn ni, kò sẹ́ni tí ò mọ̀.

BàbáStúdíò

Yes lèmi máa fi sí i. Odò gidi ni, ibi gidi ni, ìran tó jọ òótọ́ ni, kò sì ṣẹlẹ̀ níwájú kámẹ́rà.

Tísà_ÒkèBaálẹ̀

Mi ò gbà. Ta ni á rò pé kámẹ́rà wà nígbà ayé Tìmẹ́hìn? Òfin náà fúnra rẹ̀ ní ohun tí òǹwòran lè gbà gbọ́ ni ká wò. Tí ẹ bá fi Yes sí gbogbo ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀, àmì náà á di ohun tí ojú ń fò kọjá.

BàbáStúdíò

Ibi tẹ́ ẹ dúró sí náà ní ẹsẹ̀. Òfin wọn kò dárúkọ irú rẹ̀. Mo ṣì wà lórí Yes, torí kò ná mi ní nǹkan kan.

Ràkè_Ìgbóǹnà

Àwọn fídíò mi àtijọ́ tí mo ti gbé sókè ńkọ́? Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí mo fi ẹ̀rọ ṣe ìkún omi ní Gbodofọ́n.

BàbáStúdíò

Ràkè! Ìkún omi ní ibi tí ènìyàn ń gbé, tí kò ṣẹlẹ̀? Lọ sínú Studio, ṣí fídíò náà, Details, Show more, àpótí kan náà wà níbẹ̀, yí i sí Yes, kó o tẹ Save. Kò ní kó o pa fídíò náà rẹ́. Èyí ni kó o kọ́kọ́ ṣe lónìí, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ tí ẹnì kan á fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Gbodofọ́n.